Ta Ló San Owó Ìkòkò? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Gbígbìn àti Kíkórè Nínú Àwàdà

Àwọn ọ̀dọ́ aláwàdà ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Òṣogbo. Mo tún un kọ nítorí àwọn tí kò ráyè wá. Mo yọ àwọn ibi tí mo ti ṣìnà kúrò, àyàfi èyí tó dùn mọ́ mi.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ẹ kú ìjókòó. Kí n tó sọ nǹkan kan, ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ní kí n jíṣẹ́ fún yín: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin méjì ṣì wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ yáa tètè lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ó dáa. Mo ti jíṣẹ́.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwa tó ń ṣe sítáńdọ́ọ̀pù máa ń pè ní kọ́ọ̀bákì. Èmi máa ń pè é ní ìpadàbọ̀, nítorí bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Aláwàdà á mẹ́nu ba nǹkan kékeré kan níbẹ̀rẹ̀ eré, á kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn èrò á sì gbà pé ìyẹn ti parí. Nígbà tó bá yá, níbi tó ti ń sọ ohun tí kò jọ mọ́ ti àkọ́kọ́ rárá, ohun kékeré yẹn á dédé yọjú. Ẹ̀rín tó ń jáde níbẹ̀ kì í jọ àwọn yòókù. Ẹ̀rín yòókù á dún, á tán. Èyí á dún, àtẹ́wọ́ á tẹ̀lé e. Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ìdí àtẹ́wọ́ yẹn. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe aláwàdà nìkan ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ara wọn náà ni. Aláwàdà ju orí okùn kan sílẹ̀ láàárọ̀, ó ju ìkejì sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn èrò ló fúnra wọn ta kókó rẹ̀.

Ẹ má pa èyí pọ̀ mọ́ ègbè. Gbogbo yín lẹ gbọ́ àlọ́ nílé. Apàlọ́ á dá orin, ẹ̀yin á gbè é. Nígbà tó bá fi máa di ìgbà kẹta, ẹ ti ń mí sínú, ẹ ti ń dúró de ìgbà tó máa kàn yín. Àwàdà tó ní ègbè ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá lọ́tun lósì, adùn rẹ̀ sì ni pé wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀. Olóògbé Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá tí a pàdánù ní 2018, tiẹ̀ gbé ègbè tirẹ̀ wọ̀ sára ni: bótáì gbàǹgbà, gíláàsì ojú gbàgẹ̀dẹ̀. Kò tíì la ẹnu tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ègbè fẹ́ kí ẹ máa retí òun. Ìpadàbọ̀ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìpadàbọ̀ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní iwájú orí yín, ṣùgbọ́n kó ṣì wà lẹ́yìn orí. Kí ẹ ti gbàgbé rẹ̀, kó má tíì sọnù. Àlàfo tó wà láàárín ìgbàgbé àti ìsọnù yẹn kò fẹ̀ rárá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà, ibẹ̀ náà sì ni mo fẹ́ dúró sí lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré tèmi kan ṣe àlàyé, nítorí mo mọ gbogbo ojú àpá rẹ̀. Eré ìṣẹ́jú 12 ni. Ìparí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ní, mi ò tíì mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ló fún mi. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, gbogbo ìgbà tí màmá bá pè mí lórí fóònù, ohun kan náà ni wọ́n ń bi mí: “Àna mi, ìkókó mi dà?” Ẹ mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe máa ń ṣe tí ó bá kù díẹ̀ kí òjò rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ohùn wọn ń já, mo gbọ́ “ìkòkò mi dà?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo kíṣìnì, mò ń ronú ìkòkò wo ni wọ́n fi ránṣẹ́ tí a kò tíì dá padà.

Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ẹ̀rín díẹ̀ ló mú wá, ẹ ṣáà ń bá mi ṣe é ni. Ìtàn àṣìgbọ́ pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Èdè olóhùn ni tiwa. Ìkòkò àti ìkókó, ohùn nìkan ló pín wọn níyà. Ohun tí ìtàn náà ṣaláìní ni ìdí tí ọkùnrin yìí fi yẹ kó jẹ́ pé ìkòkò ló máa gbọ́, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ó yẹ kí ìkòkò ti wà lọ́kàn rẹ̀, kó sì ti wà lọ́kàn ẹ̀yin náà. Mo wá bi ara mi pé: ní Òṣogbo, ìkòkò wo ni gbogbo ènìyàn ti mọ̀?

Ṣé ẹ rí i? Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ìkòkò aró Ọ̀ṣun ni. Kò sí ọmọ ìlú yìí tí kò mọ ìtàn náà: Tìmẹ́hìn ọdẹ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé etí odò láti Ìpólé, wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, ohùn kan sì jáde láti inú omi: “Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ rọra o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!” Wọ́n ní ibẹ̀ la ti rí orúkọ ìlú. Nígbà náà ni ìlà ìkẹyìn eré mi wá fúnra rẹ̀. Màmá pè, wọ́n ní “ìkókó mi dà?”, mo gbọ́ ìkòkò, ẹ̀rù bà mí, mo pariwo sínú fóònù pé: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo fọ́ ọ, Tìmẹ́hìn ni!”

Nísinsìnyí, ẹ wò ó bí àgbẹ̀ tó mọ ohun tó fẹ́ kórè. Kí ni ìlà yẹn nílò kó tó lè dún? Ó nílò ìkòkò. Ó nílò orúkọ Tìmẹ́hìn. Ó sì nílò ohun kẹta tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í ronú kàn: ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn ti ń dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ti ń ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn, kí ló dé tó fi máa tètè gbèjà ara rẹ̀? Ohun mẹ́ta, kò lé, kò dín. Ohun tí ìlà ìkẹyìn kò bá nílò, kò gbọdọ̀ wà nínú ohun tí a gbìn, nítorí ẹrù tí àwọn èrò máa gbé lọ ni, wọn kò sì ní gbé ẹrù púpọ̀ fún ọ. Ní àkọ́kọ́, mo fi Làróòyè náà sí i, mo sì ń ka iye ìkòkò. Àwọn èrò ń rántí Làróòyè, wọn kò rántí Tìmẹ́hìn. Mo yọ Làróòyè kúrò. Bàbá àgbàlagbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn eré, wọ́n ní: “Ọmọ mi, o yọ ọba kúrò nínú ìtàn ìlú.” Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò dá a padà o, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀.

Bí mo ṣe gbìn ín nìyí, ní bí ìṣẹ́jú kejì. Mo ní: “Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ má bínú, gbèsè la fi dá ìlú yín sílẹ̀. Tìmẹ́hìn gé igi. Igi wó sódò. Ọ̀ṣun ní wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n, ẹ ń fi kọrin, bó bá di oṣù kẹjọ ẹ ó tú jáde tìlù tìfọn. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ẹnì kan ò tíì bèèrè pé: ta ló san owó ìkòkò?”

Ẹ fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Òun ló kẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, mo ní: “Owó ìkòkò yẹn, ta ló san án?” Ó tọ̀nà, kò sì sí ohun tó ṣe gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n “san án” ló kẹ́yìn létí, ẹ̀rín sì bo ìkòkò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o bá fẹ́ kó sùn sínú orí àwọn èrò, òun ni kó kẹ́yìn kí ẹ̀rín tó dé, nítorí ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ tó wà ṣáájú ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ fi ń wọlé.

Ohun mìíràn tún wà. Ibi tí mo gbin nǹkan sí yẹn, àwàdà gidi ni, ó ní ẹ̀rín tirẹ̀. Èyí ló ń bò ó. Bí o bá dá ọ̀rọ̀ kan dúró gedegbe tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, tí kò sì wúlò fún nǹkan kan, àwọn èrò á fura: kí ló ń sọ èyí sí? Wọ́n á wá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ lórí iná. Ohun tí o bá gbìn gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbi tó wà. Ó lè jẹ́ àwàdà. Ó lè jẹ́ ìkéde lásán. Ó lè jẹ́ orúkọ ọ̀nà tí o gbà wá. Kí wọ́n ṣáà rò pé wọ́n ti mọ ìdí tí o fi sọ ọ́, ìyẹn ti tó.

Ní ìṣẹ́jú kẹfà ni lándílọ́ọ̀dù dé. Ilé tí mo kọ́kọ́ háyà lápá Òkè-Fìà ni mò ń sọ. Mo fẹ́ kó ẹrù mi kúrò, bàbá onílé mú ìwé jáde, wọ́n ń ka ohun tí mo bàjẹ́: nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ọwọ́ ilẹ̀kùn, síǹkì, ògiri tí mo kan ìṣó mọ́. Ó gùn lọ títí. Mo ní: “Bàbá, ẹ kúkú fi ìkòkò Ọ̀ṣun kún un.” Ẹ̀rín kékeré ni. Mo fẹ́ kó kéré. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń bu omi sí ohun tí a gbìn, ó sì ń sọ mí di ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn. Mi ò dárúkọ Tìmẹ́hìn níbẹ̀ rárá. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ó ti súnmọ́ iwájú orí wọn jù nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo pa ìkòkò tì. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, mò ń sọ ti ìgbéyàwó, ti alága ìjókòó tó ń gba owó lọ́wọ́ mi bí ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù, ti aṣọ ẹbí. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, màmá pè.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó dà bí ẹni pé wẹ́rẹ́ ló ṣe wá. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bàjẹ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, oríṣi kan sì kọ́ ni ìbàjẹ́ náà.

Àkọ́kọ́ jẹ́ níbi ọjọ́ ìbí kan. Nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń dárúkọ ìkòkò kí màmá tó pè, ìkẹta sì wà nínú ọ̀rọ̀ alága ìjókòó. Mo rò pé bí mo bá ṣe ń tẹnu mọ́ ọn tó ni wọ́n á ṣe rántí tó. Wọ́n rántí lóòótọ́. Ní kété tí mo ní “màmá ìyàwó mi pè mí”, ọkùnrin kan níwájú kígbe pé “ìkòkò!”, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Nígbà tí mo wá dé ìlà tèmi, wọ́n rẹ́rìn-ín ọlọ́wọ̀, irú èyí tí ènìyàn ń rín fún bàbá àgbà. Mo ti sọ ìpadàbọ̀ di ègbè láìmọ̀. Tí ó bá jẹ́ ègbè ni mo fẹ́, ó ti dára bẹ́ẹ̀: kí n kúkú jẹ́ kí wọ́n máa kígbe, kí n máa dárí wọn. Àmọ́ ìlà Tìmẹ́hìn kò lè jẹ́ ègbè, nítorí ó fẹ́ bá wọn lójijì.

Ìkejì ni mo ṣì ń rántí tí ara mi ń gbọ̀n. Níbi ìgbéyàwó ni. Ìṣẹ́jú 12 ni a jọ ṣàdéhùn. Nígbà tó kàn mí, ẹni tó ń darí ètò sọ ọ́ sí mi létí pé ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù, ọkọ ìyàwó fẹ́ tètè gé kéèkì. Mo ronú kíá, mo yọ lándílọ́ọ̀dù, mo yọ alága ìjókòó, mo ní ó kéré tán ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí wà. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ilé ìgbéyàwó ni: ìdajì àwọn èrò ṣì ń wọlé nígbà tí mo sọ ti Tìmẹ́hìn, ìdajì yòókù ń wá ibi tí ìrẹsì gbà kọjá. Mo dé ìparí, mo pariwo pé “Tìmẹ́hìn ni!” Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, àwọn tó wà lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Apá òsì nìkan. Àwọn ẹbí ìyàwó ni, àwọn ló tètè dé. Lápá ọ̀tún, obìnrin kan bi ẹnì kejì rẹ̀ pé: “Ta ni Tìmẹ́hìn? Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́ ni?”

Bí wọ́n bá gé àkókò rẹ, má ṣe fi ìparí sílẹ̀ láìní ìbẹ̀rẹ̀. Gé méjèèjì pọ̀. Ìpadàbọ̀ tí kò ní ibi tó ti bọ̀, àlejò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fídíò tí ẹ ń gé sórí ayélujára rí: ẹ ó mú ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn nìkan, nítorí ibẹ̀ ni ariwo pọ̀ sí, ẹni tó bá sì wò ó á máa wò yín bíi wèrè tó ń dá sọ̀rọ̀.

Mo máa ń fi fóònù gba ohùn gbogbo eré mi, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ tèmi bí kò ṣe nítorí ẹ̀rín. Mo máa ń dijú gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rín bá ṣáájú ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n ti rí i látòkèèrè: mo tẹnu mọ́ ọn jù, tàbí mo tètè dé. Bí ó bá pẹ́ kó tó dé, wọ́n ń wá a nínú orí wọn, ó ti fẹ́ sọnù. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun kan tó wá ń tàn kálẹ̀, àwọn kan kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ara àwọn tó gbọ́ ni wọ́n ti ń yá ẹ̀rín. Èyí tó dáa jù ni èyí tó bú lẹ́ẹ̀kan náà láti gbogbo igun, ní kété tí “ni” nínú “Tìmẹ́hìn ni” bọ́ lẹ́nu mi. Mo ti gbọ́ ọ báyìí. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín dá láé. Ẹ̀rù á bà yín pé wọ́n ti gbàgbé, ẹ ó wá sọ pé: “Ẹ rántí pé mo sọ ti Tìmẹ́hìn lẹ́ẹ̀kan…” Ó ti kú nìyẹn. Ìwọ lo ta kókó náà, wọn ò ní ohun tí wọ́n máa ṣe mọ́. Kí wọ́n má rẹ́rìn-ín rárá sàn ju kí o lọ rán wọn létí.

Ohun kan tún wà tí àwa ní tí ọ̀pọ̀ aláwàdà ilẹ̀ mìíràn kò ní, ó sì ń dùn mí pé a kì í lò ó tó. Ìlù ni. Ní ìlú tí Dúró Ládípọ̀ dá ẹgbẹ́ àṣà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, kò yẹ kó jẹ́ pé inú fóònù nìkan la ti ń gbọ́ gángan. Onígángan kan máa ń bá mi ṣe eré yìí nígbà mìíràn. Lẹ́yìn tí lándílọ́ọ̀dù bá ti kọjá, bí ẹnì kan bá dìde níwájú láti lọ tọ̀, onígángan á fọhùn: re mí re re mí dò dò dò. Kò sẹ́ni tó ya ẹnu. Ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn ti gbọ́ “ta ló san owó ìkòkò”, ẹni tó ń lọ tọ̀ sì ti di ajigbèsè. Ẹ̀rín tí mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan fún!

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ o. Ìlù ń mú ohùn ọ̀rọ̀, kì í mú kọ́ńsónáǹtì. Re mí re re mí dò dò dò lè jẹ́ gbólóhùn ogún fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ti ìkòkò. Nítorí náà, ìlù lè kórè, kò lè gbìn. Ẹnu ni kó gbìn ín, kó gbìn ín pẹ̀lú ohùn tó dá ṣáká. Ewu mìíràn sì tún wà: mo ti sọ fún yín pé bó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹta, ègbè ni. Bí onígángan bá ti lu ìkòkò, èmi náà á yọ ọ̀kan nínú tèmi kúrò. A máa ń jà lórí èyí. Òun fẹ́ lù ú ní gbogbo ìgbà.

Ti ohùn náà tún kan ìparí. Nígbà tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ màmá, mo máa ń rọra sọ ìkókó, kó dún dò mí mí gbangba, kí gbogbo yín mọ̀ pé ọmọ ni wọ́n ń béèrè. Èmi tí mò ń gbọ́ lórí fóònù nìkan ló ṣì í gbọ́. Bí ẹ̀yin náà bá ṣì í gbọ́, kò sí àwàdà níbẹ̀ mọ́, ìkòkò lásán ni màmá ń wá. Ní gbọ̀ngàn tí sípíkà rẹ̀ bá ń han gooro, mo máa ń fi “ọmọ” sí i: “ọmọ ìkókó mi dà?” Kò dùn tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú.

Bí mo bá gbé eré yìí lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, ó yàtọ̀. Ní Òṣogbo níbí, ilẹ̀ ti rọ̀ kí n tó dé, gbogbo yín ti mọ Tìmẹ́hìn láti kékeré, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ti tó mi láti gbìn ín. Níbòmíràn, mo ní láti sọ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Bí ìtàn bá ṣe gùn tó ni àwọn èrò á ṣe máa fura pé ó ní ibi tó ń lọ. Mo máa ń fi ẹ̀rín mẹ́ta sínú rẹ̀ níbẹ̀ láti fi bo ojú wọn. Síbẹ̀, kò tíì dún lóde rí bó ṣe ń dún nílé.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, bí ohun tí ènìyàn gbìn kò bá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín ńkọ́? Ṣé kó ṣì padà sí i?” Ìbéèrè tó dáa ni. Mo ní fún un pé kò-rẹ́rìn-ín yàtọ̀ sí kò-gbọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ tí wọn ò rẹ́rìn-ín, kó fọkàn balẹ̀, ìparí ṣì lè bú, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń bú jù, nítorí wọ́n ti kà á sí àwàdà tó kú. Bí wọn kò bá gbọ́ ni wàhálà. Lándílọ́ọ̀dù ni mo fi ń dán an wò. Bí mo bá ní “ẹ kúkú fi ìkòkò Ọ̀ṣun kún un” tí ẹ̀rín kékeré jáde, ó wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń wò mí bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, mi ò ní jẹ́ kí màmá pè mọ́. Mo ní ìparí mìíràn nínú àpò, tí kò nílò ìkòkò, mo máa fi jáde. Ẹ máa ní ọ̀kan ní ìpamọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lápá ẹ̀yìn ló béèrè èyí tó kẹ́yìn. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n ti gbàgbé, kó má sì tíì sọnù. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n wà?”

Mo wo gbogbo wọn. Mo ní: “Ẹyin mélòó ni?”

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo rí ojú ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀, bó ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú pọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn: “Méjì!”

Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní ọ̀kan ṣoṣo lòun bá nínú tòun. Mo ní kí wọ́n lọ bá ìyá náà.